Bíbá Ìgbàsílẹ̀ Géèmù Lọ Láti Ibi Tí Ó Dúró

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ gbígba géèmù ńlá sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, "tún bẹ̀rẹ̀" ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé ó lè túmọ̀ sí pé kí iṣẹ́ tí ó dúró máa tẹ̀ síwájú, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí a padà sí òdo. Bí fáìlì géèmù kan bá jẹ́ 20,000,000,000 báìtì (báìtì ni ẹyọ tí a fi ń ka dátà), tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já nígbà tí 7,500,000,000 ti wọlé, ohun tí ó kù yóò gba wákàtí 17 lé díẹ̀ lórí ìlà tí ó ń gbé 200,000 báìtì wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá padà sí òdo, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 28, dátà tí a ti fi owó rà tí a sì ti lò yóò sì ṣòfò. Nítorí náà, "bá ìgbàsílẹ̀ lọ" ni ó bá ti àkọ́kọ́ mu, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ fún ènìyàn pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà tí "gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀" jẹ́ ti èkejì.

Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni ohun tí a lè pè ní ìbéèrè abala, tí ó wà nínú òfin HTTP 1.1 láti ọdún 1997. Kọ̀ǹpútà tí ó ń gba fáìlì yóò sọ fún olùpín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà báìtì tí ó fẹ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, olùpín yóò sì fi abala náà nìkan ránṣẹ́:

```
Range: bytes=7500000000-

HTTP/1.1 206 Partial Content
Content-Range: bytes 7500000000-19999999999/20000000000
```

Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá dúró díẹ̀ níbi nọ́ńbà wọ̀nyí. Nínú ìṣirò ọjọ́ ti Yorùbá, a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọjà tí ó ń padà wáyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Báìtì kò rí bẹ́ẹ̀: òdo ni nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ nínú wọn, nítorí náà 7,499,999,999 ni nọ́ńbà ti ìkẹyìn nínú èyí tí ó ti wọlé, iye tí ó wà lọ́wọ́ sì ni nọ́ńbà èyí tí a óò béèrè gan-an. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan lé e yóò pàdánù báìtì kan, géèmù náà kò sì ní ṣí dáadáa.

Àṣẹ tí ó ń ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò gùn:

```
curl -C - -O https://example.org/geemu.zip
```

Bí olùpín kò bá mọ ìbéèrè abala, yóò dáhùn pẹ̀lú `200` dípò `206`, `curl` yóò sì dúró pẹ̀lú àṣìṣe `33` láìfọwọ́kan ohun tí ó ti wọlé. Ewu tí ó burú jù ni pé kí àwọn tí ó ni géèmù ti fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lábẹ́ orúkọ kan náà: olùpín yóò dáhùn pẹ̀lú `206`, orí fáìlì yóò jẹ́ ti àtijọ́, ìdí rẹ̀ yóò jẹ́ ti tuntun, gígùn rẹ̀ sì lè dà bí ẹni pé ó pé. Ààbò méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni àmì ẹ̀dà, tí a ń kà lójú ìwé bí `ETag`. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí a sì fi ránṣẹ́ nínú `If-Range`, olùpín kò ní fi abala ránṣẹ́ àfi bí ẹ̀dà náà kò bá tíì yí padà. Èkejì ni òǹtẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí a ṣírò láti inú gbogbo báìtì fáìlì, tí `sha256sum` máa ń tẹ̀ jáde. "Òǹtẹ̀" dára ju "àròpọ̀" lọ, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rí ni ó ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kan ṣoṣo fún odidi fáìlì lè sọ pé nǹkan bàjẹ́, kò lè sọ ibi tí ó ti bàjẹ́, ìyẹn ni pé gígábáìtì 20 lè ṣòfò nítorí báìtì mélòó kan. Torí bẹ́ẹ̀ ni BitTorrent fi gé fáìlì sí ègé, tí ègé kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun nìkan ni a óò tún gbà. Níhìn-ín, ó yẹ kí a ya "ègé" sọ́tọ̀ kúrò lára "abala": abala lè bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti já, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe fáìlì ni ó ti pín ègé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún un.