Ìtumọ̀ èébú ní tààràtà

Ìtumọ̀ èébú ní tààràtà ni kí a mú èébú tó le nínú èdè kan, kí a sì gbé e sínú èdè mìíràn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tàbí kí ó má ta ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ọjà Máìlì 12 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Níbẹ̀ ni tòmátò, ata àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya ti ń já, tí àwọn oníṣòwò àti alábàárù tó ń sọ Yorùbá, Haúsá àti èdè Pìjín sì ń bú ara wọn lójoojúmọ́.

Ṣíṣe kòńgẹ́ máa ń wà nígbà mìíràn. Bí Haúsá bá sọ pé "uwaka", ohun tó sọ kò ju "ìyá rẹ" lọ. Yorùbá tí a bá túmọ̀ rẹ̀ fún yóò gbaná jẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé "ìyá ẹ" jẹ́ èébú lédè tirẹ̀ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan nínú gbólóhùn méjèèjì. Ìyókù rẹ̀ tí a kò sọ ni ó ń dunni. Àwùjọ méjèèjì fi ọlá ìyá sí ibi tí a kì í fọwọ́ kàn, nítorí náà ọgbẹ́ náà bọ́ sí ojú kan náà. (Ẹni tó bá wí pé "ìyá yín" kò tíì bú ènìyàn, ọ̀wọ̀ tó wà nínú "yín" ti gba ẹ̀gún kúrò lára rẹ̀.)

"Dan iska" kò rí bẹ́ẹ̀. Lédè Haúsá, oníwà ìbàjẹ́ tí kò ní láárí ni a ń pè bẹ́ẹ̀, èébú gidi sì ni. Ṣùgbọ́n "ọmọ afẹ́fẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní tààràtà. Létí Yorùbá, èyí sún mọ́ oríkì ju èébú lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé Ọya ló ni ẹ̀fúùfù lè rò pé wọ́n ń kí ará ilé Ọya ni. Nínú èdè Haúsá, "iska" tún ń tọ́ka sí ẹ̀mí àìrí, èyí tí "afẹ́fẹ́" nìkan kò lè gbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "olórí burúkú" ṣe ń rí bí a bá gbé e lọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orí tí Yorùbá ń sọ kì í ṣe agbárí, bí kò ṣe orí inú, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá yàn kí ó tó wá sáyé. Láti pe ènìyàn ní olórí burúkú ni láti sọ pé ayé rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́ "ẹni tó ní orí tí kò dára", yóò sì máa ronú nípa ẹ̀fọ́rí.

Ìdí kejì wà nínú ara. Ní ọdún 2003, Catherine Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó gbọ́ èdè Túrkì láti kékeré tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí ìka wọn ṣe ń làágùn bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìbáwí irú èyí tí òbí ń sọ fún ọmọ mì wọ́n jù nígbà tó jẹ́ èdè Túrkì. Èébú tí a kọ́ nígbà tí a ti dàgbà kò ní ìrántí pàṣán lẹ́yìn, ó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ni.

Èyí ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "ṣege". Lédè Haúsá, ọmọ àlè ni. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ọmọ àlè" fún Yorùbá, ìjà dé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó kò túmọ̀ rẹ̀, wọ́n yá a lódindi ni, wọ́n sì ń sọ pé "mo rí ṣege" nígbà tí ìyà bá jẹ wọ́n. Ìró nìkan ni wọ́n gbà. Ìtìjú inú rẹ̀ dúró sẹ́yìn.

Èpè yàtọ̀ sí èébú, nítorí pé ó ń ké sí agbára kan láti ṣe iṣẹ́. "Ṣàngó á pa ọ́" kò ní ẹ̀rù níbi tí a kò ti mọ Ṣàngó. Èdè Pìjín rí ọ̀nà gbà: "tọ́ńdà faya yú" gbé àrá dúró láìdárúkọ ẹni tó ń sán an, ó sì ń múni bínú ní Kẹtu àti ní Ìkọsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Lọ́ńdọ̀nù lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọjà. Nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùjẹ́jọ́ sì lè wí pé èébú ìbínú lásán ni, tí kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Bí ìtumọ̀ tó wà níwájú adájọ́ bá jẹ́ "ọmọ afẹ́fẹ́" nìkan, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú ẹlẹ́rìí tó gbọ́ èdè náà wá, kí ó sọ ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ lóye nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu.