Àbọ̀ Ìgbéléwọ̀n tí Ẹ̀rọ Kọ: Bí Àwọn Olóòtú Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Ìgbésẹ̀ tí Wọ́n Ń Gbé

1. Ìfáárà

Bébà yìí dá lórí àwọn olùgbéléwọ̀n tí ń fi ẹ̀rọ kọ àbọ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yunifásítì ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ tàbí Ṣàgámù ní ọ̀nà méjì: ẹ̀rọ lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ léwọ̀n, olóòtú sì lè fẹ̀sùn kàn án pé ẹ̀rọ ni ó kọ àbọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohun tí bébà yìí tẹnu mọ́ ni pé èdè tí a fi kọ àbọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó.

2. Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọdún 1831 ni William Whewell dá a lábàá fún Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n máa kọ àbọ̀ lórí àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn. Òun àti John Lubbock ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, lórí àpilẹ̀kọ George Airy. Whewell fẹ́ kí àbọ̀ náà gbé iyì iṣẹ́ náà jáde. Àwọn àléébù inú ìṣirò rẹ̀ ni Lubbock dúró lé lórí. Èdèàìyedè wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì ka iṣẹ́ náà. Ìpìlẹ̀ yìí gan-an ni ẹ̀rọ wá mì.

3. Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Oṣù Kọkànlá ọdún 1922 kọ́, bí kò ṣe ti 2022, ni ChatGPT jáde. Ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í fi àbọ̀ àwọn olùgbéléwọ̀n han aráyé, ṣùgbọ́n àwọn àpérò ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bí ICLR máa ń gbé tiwọn síta. Nítorí náà, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí nǹkan kà. Ní 2024, Weixin Liang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àpérò mẹ́rin. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín ìdá 6.5 sí 16.9 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú àwọn àbọ̀ náà ni ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ti tún kọ lọ́nà tí ó kọjá àtúnṣe sípẹ́lì. Nínú àwọn àbọ̀ ICLR ti 2024, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí 'ó yẹ fún ìyìn' di ìlọ́po mẹ́wàá ó dín díẹ̀. Èyí tí ó túmọ̀ sí 'pẹ̀lú ìfarabalẹ̀' ju ìlọ́po 34 lọ.

Ìwádìí náà tún rí i pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i nínú àbọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí gbèdéke kù sí dẹ̀dẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn olùgbéléwọ̀n tí kì í sábà fèsì nígbà tí òǹkọ̀wé bá ṣàlàyé ara rẹ̀. Síbẹ̀, ìṣirò yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbọ̀ lápapọ̀. Kò lè sọ fún olóòtú pé ẹni báyìí ni ó jẹ̀bi.

4. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ní oṣù Kẹrin 2024, Paul Graham, olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí 'walẹ̀ jìn' nínú lẹ́tà tí òun gbà jẹ́ àmì ChatGPT. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fárígá, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ wọn ní ilé-ìwé. Ìwádìí mìíràn tí Liang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2023 ti fi irú ewu yìí hàn ṣáájú. Wọ́n fi àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ dán irinṣẹ́ ìdámọ̀ méje wò. Ní ìpíndọ́gba, àwọn irinṣẹ́ náà pe ohun tí ó ju ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Olóòtú tí ó bá gbára lé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ aláìṣẹ̀ níyà.

5. Ìgbésẹ̀ àwọn olóòtú

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni òfin. Ní oṣù Kẹfà 2023, NIH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka lílo ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ léèwọ̀ fún àwọn tí ń gbé ìwé ìbéèrè owó ìwádìí léwọ̀n. Ìdí wọn ni pé ẹni tí ó bá kó ìwé náà sínú ẹ̀rọ ti tú àṣírí tí a fi pamọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pańpẹ́. Ní 2026, àpérò ICML fi àṣẹ tí ojú kò rí pamọ́ sínú àwọn àpilẹ̀kọ, pé kí ẹ̀rọ tí ó bá kà á lo àpólà-ọ̀rọ̀ méjì kan nínú àbọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò ní lo ẹ̀rọ, tí àpólà náà sì jáde nínú àbọ̀ wọn, ni wọ́n mú. Ènìyàn tún fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Àpilẹ̀kọ 497 tí ó jẹ mọ́ wọn ni wọ́n dá padà. Pańpẹ́ yìí kò bìkítà nípa irú Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àbọ̀ náà kọ lè yọ nínú rẹ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ó kù fún olóòtú ni ìbéèrè tí ó ti wà láti ìgbà Whewell àti Lubbock: ojú-ìwé wo, àtẹ wo, ìṣirò wo ni àbọ̀ náà tọ́ka sí? Bí ó bá jẹ́ ìyìn àti ìmọ̀ràn tí ó lè bá iṣẹ́ èyíkéyìí mu nìkan ni ó wà níbẹ̀, ó yẹ kí olóòtú bi olùgbéléwọ̀n léèrè, kí ó sì wá ẹlòmíràn bí kò bá rí ìdáhùn tí ó nítumọ̀. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ náà ní tòótọ́ yóò rí ìdáhùn fún un, yálà Ìkẹ́nnẹ́ ni ó ń gbé tàbí Lọ́ńdọ̀nù.