Ìgbẹ́ Dúdú: Ìgbà tí Ó Léwu

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ dúdú ni ó léwu. Aláboyún tí ó ń lo oògùn tí a fi ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lè rí i pé ìgbẹ́ òun dúdú. Irin inú oògùn náà ló fà á.

Èyí tí a ń kìlọ̀ rẹ̀ ni ìgbẹ́ tí ó dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí òórùn rẹ̀ sì burú jọjọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn nínú àpò oúnjẹ ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ inú lè fà á, pàápàá lára àgbàlagbà tí ó ń lo oògùn ara ríro lemọ́lemọ́. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì mú oògùn náà dání. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.