Àtúntò bọ́tìnì páàdì fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tán

Àtúntò bọ́tìnì ni gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́tìnì kan lára páàdì géèmù, kí a gbé e fún òmíràn tí ìka ẹni tó ń gbá a lè dé. Fún àwọn tó ń ra kọ̀ǹsólù tòkunbọ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, Ìkẹjà, àtúntò yìí ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ní owó nínú: ó ti wà nínú PlayStation 4 láti ọdún 2015.

Bí a ṣe ń ṣe é

Lórí PlayStation 4, a ó wọ Settings, ká ṣí Accessibility, ká wá yan Button Assignments. Níbẹ̀ ni a ó ti máàkì Enable Custom Button Assignments, kí a tó pààrọ̀ bọ́tìnì.

Ká ní ẹ̀rọ ti gé ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Agége, tó sì fẹ́ gbá FIFA. Ìka yẹn gan-an ló máa ń tẹ R2 mọ́lẹ̀ kí agbábọ́ọ̀lù tó lè sáré. Bí a bá fi R2 àti L1 ṣe pààrọ̀, ọwọ́ òsì ni yóò máa sáré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ L1, ìyẹn yíyan agbábọ́ọ̀lù míì, ti bọ́ sórí R2 tí kò lè tẹ̀. Nítorí náà, a ó wọ inú géèmù fúnra rẹ̀, ká yí Auto Switching sí Auto, kí géèmù máa bá a yàn án. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á gbé ìnira kúrò lórí ìka kan, wọn kò ní wo ibi tó bọ́ sí.

Àtúntò kọ̀ǹsólù kì í kan géèmù kan ṣoṣo. Gbogbo géèmù ló ń bá a lọ. Ohun tí géèmù ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n kì í sì í yí padà: R2 ni yóò máa pè, L1 ni a ó máa tẹ̀. Àtúntò kò lè sọ títẹ̀-mọ́lẹ̀ di títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Nílé géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo orúkọ kan náà, ẹni tó bá gbá tán gbọ́dọ̀ pa àtúntò náà, kí ẹni tó kàn má baà rò pé páàdì ti bàjẹ́.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan ka irú nǹkan báyìí sí ìrẹ́jẹ nínú ìdíje. Pípààrọ̀ bọ́tìnì kan fún ìkan kò jọ pé ó fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Ẹ̀rọ tó ń tẹ bọ́tìnì léraléra fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú, ẹni tó gbé ìdíje kalẹ̀ ló sì sábà máa ń pinnu.

Ìtàn

Yàtọ̀ sí àtúntò, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ṣe páàdì àkànṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara. Nintẹ́ńdò ṣe èyí tí a ń fi ẹnu darí ní 1989. Ti Maikirosọ́ọ̀fù, tó ní ojú ihò 19 fún bọ́tìnì àfikún, jáde ní 2018. Ti Sóní jáde ní oṣù Kejìlá 2023, PlayStation 5 nìkan ló sì wà fún.