Àpọ̀jù Sẹrotoníìnì àti Gígan Ara Láti Ọwọ́ Oògùn Àrùn Ọpọlọ

Ara gbígbóná, òógùn àti ọkàn tó dàrú kò tó láti fi mọ èyí tó jẹ́ àpọ̀jù sẹrotoníìnì yàtọ̀ sí gígan ara tí oògùn àrùn ọpọlọ ń fà, nítorí méjèèjì ló ń mú wọn wá. Ọrùn ẹsẹ̀ ni kí a wò. Ká ní ẹni tó ti ń lo halopẹridọ́ọ̀lù àti sẹtiralíìnì láti oṣù 3 gba tiramadọ́ọ̀lù lánàá nítorí ẹ̀yìn ríro, ó sì ń gbọ̀n lónìí. Bí dókítà bá ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lójijì, tí ẹsẹ̀ náà ń ta léraléra láìdáwọ́ dúró, tí inú ń kùn, tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, sẹrotoníìnì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ti halopẹridọ́ọ̀lù sábà máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé góńgó. Apá á le bí páìpù irin, iṣan kì í sì í yára ta padà.

Ẹnìkan lè ní bí ti sẹrotoníìnì bá le jù, ara á gan débi pé ẹsẹ̀ ò ní lè ta mọ́. Òótọ́ ni, ìgbà yẹn ni a ó béèrè oògùn tó wọlé tàbí tó pọ̀ sí i láàárín wákàtí 24. Ti àìlèjókòó jẹ́ẹ́ láìsí ibà, ọ̀tọ̀ ni: oògùn àrùn ọpọlọ ń fà á, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.