Kí ló dé tí kọ̀ǹpáílà fi pa ìlà ààbò rẹ́? Ìtàn àríyànjiyàn kan lórí èdè C

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2007, ẹnìkan tó ń fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe GCC. GCC jẹ́ kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń yí ohun tí èèyàn kọ padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Nọ́ńbà ẹ̀sùn náà ni 30475. Ohun tó sọ ni pé kọ̀ǹpáílà náà pa ìlà ààbò òun rẹ́ láìsọ fún òun.

Ohun tó kọ kò gùn rárá:

```c
int foo(int a) {
    assert(a + 100 > a);
    printf("%d %d\n", a + 100, a);
    return a;
}
```

Kí ni ìlà náà wà fún?

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, nọ́ńbà tó tóbi jùlọ tí `int` lè gbà ni 2147483647. Tí èèyàn bá fi 100 kún un, àyè kò gbà á mọ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń yí nọ́ńbà náà po bíi míítà ọkọ̀ tó dé òpin, yóò sì di -2147483549.

Èrò ẹni tó kọ ọ́ ni pé tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, èsì ìṣirò náà yóò kéré sí `a`, `assert` yóò sì dá ètò náà dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó dán an wò, ètò náà kò dúró. Ó tẹ nọ́ńbà òdì náà jáde sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀?

Dennis Ritchie ló ṣe èdè C ní iléeṣẹ́ Bell Labs, l'Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà náà, ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan ń gbà tọ́jú nọ́ńbà òdì yàtọ̀ sí ti òmíràn. Tí nọ́ńbà bá kọjá àyè rẹ̀, àwọn kan máa ń yí i po, àwọn mìíràn lè dá iṣẹ́ dúró pátápátá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ X3J11 jókòó láti ọdún 1983 kọ ìwé òfin C, tó jáde lọ́dún 1989, wọn kò fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ̀rọ kankan. Wọ́n wá kọ ọ́ pé tí `int` bá kọjá àyè rẹ̀, òfin kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Bákan náà ni wọ́n ṣe fún ẹni tó bá ka àpótí nọ́ńbà tí kò tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀, nítorí pé fífi òdo sínú gbogbo àpótí yóò jẹ àkókò ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí kíka irú àpótí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fi lè mú èsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Kí ni èrè kọ̀ǹpáílà níbẹ̀?

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpáílà ka ìdákẹ́jẹ́ òfin yẹn sí ìlérí: ẹni tó ń kọ ètò kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ láé. Tí kò bá lè ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé `a + 100` gbọ́dọ̀ ju `a` lọ nígbà gbogbo. Kí wá ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Bí ìlà ààbò náà ṣe lọ nìyẹn.

Inú iṣẹ́ àtúnṣe léraléra ni èrè náà ti hàn jù:

```c
for (int i = 0; i <= n; i++)
```

Ká ní òfin gba nọ́ńbà láàyè láti yí po, tí `n` bá jẹ́ 2147483647, iṣẹ́ yìí kò ní parí láé, kọ̀ǹpáílà yóò sì ní láti máa ro ìyẹn mọ́ ọn. Níwọ̀n bí òfin kò ti gbà á, tí `n` kò bá ti kéré sí òdo, ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni tí `n` bá jẹ́ 1, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí `n` bá jẹ́ 2. Ó lè wá tọ́jú `i` sí àyè tó fẹ̀ jù láìtún un yẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà, ètò náà á sì yá sí i.

Ibo ló wá parí sí?

Àwọn GCC ti ẹ̀sùn náà, wọ́n ní kì í ṣe àṣìṣe. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2008, àjọ CERT tó wà ní Fásitì Carnegie Mellon ṣe ìkìlọ̀ pé kọ̀ǹpáílà lè pa irú àyẹ̀wò ààbò bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kéèyàn yẹ nọ́ńbà wò kó tó ṣe ìṣirò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀:

```c
if (a > INT_MAX - 100)
```

Ìlà yìí kò kọjá àyè níbì kankan, nítorí náà kọ̀ǹpáílà kò lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà máa yí po lè fi `-fwrapv` kún àṣẹ GCC. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe wà lè fi `-fsanitize=undefined` dán ètò rẹ̀ wò, yóò sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ fún un nígbà tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́.

Ìwé òfin tuntun, C23, ti wá fi ọ̀nà kan ṣoṣo lélẹ̀ fún títọ́jú nọ́ńbà òdì. Ìyàtọ̀ àárín ẹ̀rọ tó bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Síbẹ̀, nípa `int` tó bá kọjá àyè rẹ̀, òfin náà kò tíì sọ nǹkan kan.