Àṣẹ Àìgbọdọ̀máṣe: Ìtàn àti Ìtumọ̀ Gbólóhùn Káǹtì fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Rú Lójú

Àṣamọ̀

Ní ọdún 1785 ni Ímánúẹ̀lì Káǹtì, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Pírọ́ṣíà, gbé ìwé kékeré kan jáde lórí ìpìlẹ̀ ìwà rere. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tí ó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ibi tí gbólóhùn náà ti ṣẹ̀ wá, ó fi àpẹẹrẹ ẹni tí ó fẹ́ yá owó tú u palẹ̀, ó sì fi hàn pé ohun tí Káǹtì ń béèrè kì í ṣe bí ìpalára yóò ti pọ̀ tó bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe ohun kan. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ète ẹni yóò ṣì lè dúró bí ó bá di òfin fún gbogbo ènìyàn.

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé kan wá bá wa ní ọjọ́ kan. Ó ti fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí gbogbo wọn para pọ̀ ń sọ. Nígbà tí a ṣàlàyé díẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ má bínú, sà. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà wa ti sọ náà nìyí, pé ẹni tí yóò fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò?"

Ẹ̀sùn méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi kan Káǹtì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: èkíní, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù, èkejì, pé bí a bá tú u tán, kò sí ohun titun nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn méjèèjì ti pẹ́. Nígbà ayé Káǹtì gan-an ni wọ́n ti fi kàn án, a ó sì rí i pé ibi tí ìdáhùn wọn wà ni ìtumọ̀ gbólóhùn náà wà.

Ibi tí gbólóhùn náà ti ṣẹ̀ wá

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 1724 ni a bí Káǹtì ní ìlú Kọ́níìsíbẹ̀gì. Ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba Pírọ́ṣíà nígbà náà. Lónìí, Kalíníngíráàdì ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìjánu àti okùn awọ tí a fi ń di ẹṣin ni ó ń rán. Ní ọdún 1770 ni Káǹtì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú rẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1781 lórí ibi tí agbára làákàyè ènìyàn mọ. Ọ̀pọ̀ tí ó kà á ni ó ráhùn pé ó ṣòro. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ìwé kékeré tí à ń sọ yìí jáde.

Kí ló dé tí gbólóhùn rẹ̀ fi rí bí ó ti rí? Ní àkókò náà, àwọn olùkọ́ ìwà ní ilẹ̀ Jámánì a máa gbé ìwà rere ka orí ìdùnnú, tàbí orí pípé ẹ̀dá, tàbí orí ìfẹ́ Ọlọ́run. Káǹtì kò ta ko ìdùnnú, kò sì ta ko ẹ̀sìn. Ohun tí ó sọ ni pé ohun tí ó ń dùn mọ́ Lágbájá lè máa bí Tàmẹ̀dò nínú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń dùn mọ́ ènìyàn láàárọ̀ lè sú u lálẹ́. Bí ojúṣe bá dúró lórí irú nǹkan báyìí, yóò máa yí bí afẹ́fẹ́ ti ń yí. Nítorí náà, ó yọ owó, ẹ̀rù, èrè àti àṣà kúrò nínú gbólóhùn rẹ̀, títí ó fi ku ohun kan ṣoṣo tí ó bá gbogbo ẹni tí ó ní làákàyè mu. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi rí ohun tí yóò dì mú nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé Káǹtì kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di òfìfo ni.

Oríṣìí àṣẹ méjì

Káǹtì pín àṣẹ sí ọ̀nà méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pè ní àṣẹ bí-o-bá-fẹ́. Bí o bá fẹ́ kí iṣu rẹ ta, tètè kọ ebè. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ iṣu ti bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ yìí. Èkejì ni àṣẹ àìgbọdọ̀máṣe. Èyí kò ní "bí o bá fẹ́" nínú. Má ṣe fi irọ́ gba owó olówó: kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò bá wọn lọ́wọ́ sí i nítorí pé òun kò wá orúkọ rere.

Káǹtì wá béèrè pé, bí àṣẹ kan kò bá rọ̀ mọ́ ohunkóhun tí à ń fẹ́, kí ni ó kù tí ó lè pa láṣẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tí ó kù kò ju pé kí ìlànà tí a fi ń ṣe nǹkan jẹ́ èyí tí ó lè di òfin fún gbogbo ènìyàn. Èyí gan-an ni gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fa ìlà sí lábẹ́. Bí a bá fi èdè ìrọ̀rùn sọ ọ́, ó ń wí pé: ṣe kìkì ohun tí o lè fẹ́ kí gbogbo ayé máa ṣe, fún ìdí kan náà, láìyọ ara rẹ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ ẹni tí ó fẹ́ yá owó

Àpẹẹrẹ mẹ́rin ni Káǹtì fúnra rẹ̀ mú wá nínú ìwé náà. Èkejì ni ó hàn kedere jù. Ọkùnrin kan wà nínú ìṣòro. Ó nílò owó, ó sì mọ̀ dájú pé òun kò ní lè san án padà. Ó tún mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò yá òun bí òun kò bá ṣèlérí pé òun yóò san án ní ọjọ́ báyìí. Ǹjẹ́ kí ó ṣèlérí náà?

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ó sọ ìlànà rẹ̀ jáde ní kíkún, pẹ̀lú ìdí rẹ̀: "Nígbà tí mo bá nílò owó, n ó yá a, n ó sì ṣèlérí láti san án, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé n kò ní san án."

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kí ó fi ojú inú wo ayé kan tí ìlànà yìí ti di òfin, tí gbogbo ẹni tí ó nílò owó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé kí ó gbìyànjú láti yá owó nínú ayé náà. Ó kan ilẹ̀kùn olówó, ó ní: "Ẹ yá mi, n ó san án." Olówó yóò kàn rẹ́rìn-ín ni, nítorí pé ní ayé náà, "n ó san án" kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí ẹni tí ìlérí lè tàn níbi tí kò ti sí ẹni tí ó gba ìlérí gbọ́. Ète ọkùnrin náà ti pa ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlérí ṣiṣẹ́ kí òun lè rí owó, ó sì tún fẹ́ òfin tí yóò pa ìlérí run. Kò lè fẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé irọ́ burú nítorí pé bí gbogbo ènìyàn bá ń purọ́, ìlú yóò dàrú. Káǹtì kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdàrúdàpọ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, ọkùnrin náà lè dá a lóhùn pé irọ́ tòun nìkan kò lè ba ìlú jẹ́, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ìdánwò náà kò sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn mìíràn yóò máa ṣe bíi tirẹ̀. Ohun tí ó ń tú síta ni pé kí irọ́ rẹ̀ tó lè jẹ́, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ máa sọ òtítọ́. Pé ó ń yọ ara rẹ̀ nìkan sílẹ̀ nínú òfin tí òun fúnra rẹ̀ gbára lé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìpalára, kí ó mọ̀ pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ Káǹtì.

Síbẹ̀, ìdánwò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ó pinnu pé òun yóò máa lọ sí ọjà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá ti dínkù. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọjà yóò máa kún, ète rẹ̀ yóò sì já sófo gẹ́gẹ́ bíi ti ayáwó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé obìnrin yìí dẹ́ṣẹ̀? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí irú àpẹẹrẹ yìí.

Ohun tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ ni ọ̀nà mìíràn tí Káǹtì gbà sọ òfin kan náà nínú ìwé yẹn: kí a má ṣe lo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ara wa tàbí ẹlòmíràn, bí ohun èlò lásán, kí a máa kà á sí ẹni tí ó ní ète tirẹ̀. Obìnrin ọlọ́jà kò tan ẹnikẹ́ni. Ayáwó ní tirẹ̀ ti sọ olówó di àdó tí ó ń ki ọwọ́ bọ̀. Bí olówó bá mọ òtítọ́, kò ní gbà; nítorí náà ni ó ṣe fi òtítọ́ pa mọ́ fún un.

Ṣé kò sí ohun titun níbẹ̀?

Ní ọdún 1786, ọ̀gbẹ́ni Títẹ̀lì, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé pé Káǹtì kàn fi èdè líle wé ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ni. Káǹtì fèsì nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1788. Kò jiyàn rárá. Ó béèrè pé ta ni ó lè pète láti dá ìwà rere titun sílẹ̀, bí ẹni pé ayé kò mọ ojúṣe rẹ̀ rí títí di òní? Ohun tí òun mú wá ni ìlànà ìṣirò, ẹni tí ó bá sì mọ ìwúlò ìlànà fún onímọ̀ ìṣirò kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú u.

Ṣùgbọ́n Káǹtì kò gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti òwe ọmọ ẹyẹ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn ará Yúróòpù ní irú òwe yìí, ó sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ọdún 1785 yẹn. Bí ohun tí ó ń dun èmi bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ọ̀daràn lè wí fún adájọ́ pé, "Ìwọ náà kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n." Agbéraga náà lè wí pé òun kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, níwọ̀n bí òun kò ti bẹ ẹnikẹ́ni kí ó ran òun lọ́wọ́. Òwe náà ń béèrè bí yóò ti rí lára mi. Káǹtì ń béèrè bóyá ó lè jẹ́ òfin. Òwe ń jí àánú nínú wa, èyí tí ó dára. Òfin ni ó ń sọ ibi tí àánú náà yẹ kí ó dé.

Àgbálọgbábọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ gbogbo èyí tán, ó wá béèrè ohun tí ó mú un wá gan-an. Ó ní òun fẹ́ yá owó ìdánwò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kò sì dá òun lójú pé òun yóò rí i san ní ọjọ́ tí òun yóò dá. Ṣé Káǹtì ti dá òun lẹ́bi ni? A ní kí ó sọ ìlànà rẹ̀ jáde ní kíkún, kí ó sì fi ti ọkùnrin inú ìwé wé e. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé òun kò ní san án, ó sì fi pa mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ yá mi, mo ń retí owó, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́," gbogbo ayé lè máa yá owó báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu yóò sì ṣì níyì. Ẹ̀gbọ́n náà lè kọ̀, ó sì lè gbà, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí òun ń gbà sí. Òfin Káǹtì kò ní kí aláìní má yáwó. Ohun tí ó ní kí ó má ṣe ni pé kí ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́ kí ó mọ òtítọ́.